Èébú Kì Í Ní Nọ́ńbà Fáìlì

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ìyá kan tó ti fẹ̀yìntì kọ sí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń san owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kún ojú ewé mẹ́ta, kò sì síbì kan nínú rẹ̀ téèyàn ti lè rí iye owó tí wọ́n jẹ ẹ́. Olè wà níbẹ̀, ìkà wà níbẹ̀, Ọlọ́run máa dá a wà níbẹ̀, rédíò àti EFCC náà kò gbẹ́yìn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n ní kó bá wọn kọ ọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì kà á tán, ó gbójú sókè, ó ní, "Màmá, èló ni wọ́n jẹ yín gan-an?"

Ẹjọ́ màmá yìí kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì la kó jọ, tí a fún ní ọjọ́ àti iye owó, kí òǹkàwé lè tọ̀ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ. Ọdún 2004 ni màmá fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà lára ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́, orúkọ ọkọ ló sì wà lára ìwé ìfẹ̀yìntì àti ìwé báńkì. Nígbà tí àjọ náà ṣe àyẹ̀wò àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, wọ́n ní orúkọ kò bára mu. Màmá lọ búra ní kóòtù, ó gbé ìyípadà orúkọ sínú ìwé ìròyìn, ó sì kó ìwé méjèèjì padà lọ ní ọjọ́ 28 oṣù náà. Wọ́n gbà á, wọ́n fún un ní pélébé ìwé tó ní nọ́ńbà. Owó oṣù Kejìlá wọlé, ti oṣù Kìíní wọlé. Láti oṣù Kejì ọdún 2024, báńkì dákẹ́.

Ó lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, wọ́n ní kó máa lọ sílé, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ó tún lọ ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin, òṣìṣẹ́ kan sì ní kó lọ mú ìwé ìbúra kóòtù wá. Ìwé ìbúra tó ti mú wá ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn! Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló jókòó kọ ojú ewé mẹ́ta.

Kò sí ẹni tó lè dá a lẹ́bi pé inú bí i. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ kọ́ ló máa ka lẹ́tà náà. Bí lẹ́tà bá dé iléeṣẹ́ ìjọba, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú fáìlì ló kọ́kọ́ ń balẹ̀ sí. Akọ̀wé ibẹ̀ á lu òǹtẹ̀ sí i, á wá fáìlì tó bá a mu, á fi lẹ́tà sínú rẹ̀, fáìlì á sì gòkè lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá á fi ìlà kan tàbí méjì kọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n ṣe, fáìlì á tún sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ẹ̀ka tọ́rọ̀ kàn. Ní ẹ̀ka yẹn, òṣìṣẹ́ kan tí kò rí màmá rí, tí fáìlì mìíràn sì kún iwájú rẹ̀, ni yóò bi ara rẹ̀ léèrè pé: kí ni wọ́n ní kí n ṣe síyìí? Bí lẹ́tà kò bá ní nọ́ńbà ìfẹ̀yìntì, akọ̀wé àkọ́kọ́ kò ní rí fáìlì tó máa fi í sí, ó lè jẹ́ pé orí tábìlì rẹ̀ ni ìrìn àjò náà máa parí sí. Bí kò bá sì ní ohun pàtó tí ó ń béèrè, ọ̀gá á kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n fi í pamọ́, wọ́n á sì fi í pamọ́ lóòótọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n náà mọ ìrìn yìí, nítorí ó ti ṣiṣẹ́ lọ́fíìsì rí. Kò ya lẹ́tà ìbínú dànù. Ohun tó ṣe ni pé ó fi bírò pupa fàlà sábẹ́ gbolóhùn kọ̀ọ̀kan, ó sì ń bi màmá pé kí ló ṣẹlẹ̀ tó fi kọ eléyìí. Iṣẹ́ gan-an nìyẹn, torí pé lábẹ́ èébú kọ̀ọ̀kan nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọjọ́ kan, iye owó kan tàbí ìwé kan wà níbẹ̀ tí ìbínú bò mọ́lẹ̀.

Gbolóhùn àkọ́kọ́ ni "Ẹ̀yin olè, ẹ ti jẹ owó mi tán." Ṣé màmá rí ẹni tó jí i? Kò rí i. Ohun tó mọ̀ ni pé owó kò wọlé. Ó lè jẹ́ olè lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n fi ọwọ́ dá orúkọ rẹ̀ dúró lórí kọ̀ǹpútà nítorí ìwé kan tí kò tíì dé inú fáìlì. Bí ó bá kọ olè síbẹ̀, tó tún dárúkọ òṣìṣẹ́ kan mọ́ ọn láìsí ẹ̀rí, ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ lè yọjú, ẹni tí wọ́n jẹ lówó á wá di olùjẹ́jọ́. Wọ́n fi òtítọ́ tó wà nílẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Owó rẹ̀ lóṣù jẹ́ ₦68,400. Oṣù Kejì, Ìkẹta, Ìkẹrin àti Ìkarùn-ún kò wọlé. Oṣù mẹ́rin, ₦273,600. Ẹni tó bá ka iye yẹn kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ọ̀rọ̀ náà burú.

"Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń wá, ẹ kàn ń fi mí ṣeré." Èwo ni ọjọ́ ti pẹ́? Màmá ní òun kò rántí dáadáa. Wọ́n wá ọjọ́ méjèèjì jáde, ọ̀kan láti ara tíkẹ́ẹ̀tì mọ́tò, èkejì nítorí pé ó ṣe kòńgẹ́ ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí kò bá rí ọjọ́ pàtó mọ́, kó kọ oṣù. Kó má ṣe dá ọjọ́ sílẹ̀, nítorí àjọ náà lè ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ àlejò, ọjọ́ kan tí kò bára mu á sì mú kí wọ́n ṣiyèméjì nípa ìyókù.

Gbolóhùn kẹta ni wúrà wà, màmá fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀. Ó kọ ọ́ pé, "Ọmọdébìnrin tí mo bí ìyá rẹ̀ lọ́mọ wò mí ṣàkó, ó ní kí n lọ mú ìwé wá, ìwé tí mo ti mú wá!" Ó kọ ojú ìlà mọ́kànlá nípa ìwòkuwò ọmọ náà, ìdajì ìlà kan ló sì fi sọ pé òun ti mú ìwé wá. Ìdajì ìlà yẹn ló lágbára jù nínú gbogbo ojú ewé mẹ́ta. Bí ìwé ìbúra bá ti wà lọ́wọ́ wọn láti oṣù Kọkànlá, tí pélébé ìwé gbígbà sì wà pẹ̀lú nọ́ńbà lára rẹ̀, ìdí tí wọ́n fi dá owó dúró ti wó lulẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìwòkuwò kì í ṣe irọ́, kò sì yẹ kó dùn mọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ọ̀tọ̀ ni. Tí wọ́n bá da méjèèjì pọ̀ sínú lẹ́tà kan, èyí tó rọrùn láti dáhùn ni wọ́n máa dáhùn: wọ́n á tọrọ àforíjì fún ìwà òṣìṣẹ́ wọn, owó á sì dúró síbi tó wà. Láti ọdún 2004 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá SERVICOM sílẹ̀ fún irú ìwà báwọ̀nyí lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Lẹ́tà tiẹ̀ lè lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Èpè inú rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n yọ ọ́, màmá sì jà fún un díẹ̀. Ó ní òun kò ṣépè, òun kàn fi wọ́n lé Ọlọ́run lọ́wọ́ ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn pé Ọlọ́run ti gbọ́, kò dìgbà tó bá gba ọ́fíìsì fáìlì kọjá.

Ìhalẹ̀ ló tẹ̀ lé e: rédíò, Ààrẹ, EFCC, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ti ka irú ìlà yìí títí ó fi sú u. Ó mọ̀ pé ẹni tó ń dárúkọ ibi mẹ́ta kò tíì mọ ọ̀nà ibì kankan. Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣeé ṣe, tí wọ́n fi ọjọ́ sí, máa ń ba òṣìṣẹ́ lẹ́rù ju gbogbo ariwo wọ̀nyẹn lọ.

Ibi tó wá ya ọmọ ẹ̀gbọ́n náà lẹ́nu ni ojú ewé kẹta. Lẹ́yìn gbogbo èébú, màmá yí ohùn padà: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi, ẹ dákun, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ìyà jẹ mí kú, Ọlọ́run á bá yín tọ́jú àwọn ọmọ yín." Púpọ̀ nínú lẹ́tà ìfisùn wa ló ń ṣe báyìí, bí èébú bá tán, ẹ̀bẹ̀ lókù. Àwọn tó ń fi lẹ́tà kíkọ ṣiṣẹ́ jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù tún máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì ńlá bu iyọ̀ sí i, pé ẹkún ni ẹni náà fi ń kọ̀wé. Lójú ẹni tó ń kọ èyí, ẹ̀bẹ̀ burú ju èébú lọ nínú irú ìwé yìí. Ẹni tó bú wọn ṣì gbà pé nǹkan òun ni wọ́n mú. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ti sọ ẹ̀tọ́ di àánú, àánú sì jẹ́ ohun tí olóore lè ṣe lónìí tàbí lọ́la tàbí kó má tilẹ̀ ṣe é. Owó ìfẹ̀yìntì kì í ṣe ìtọrẹ. Apá 173 nínú òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ló fi í ṣe ẹ̀tọ́ fún ẹni tó bá ṣiṣẹ́ fún ìjọba àpapọ̀. Ìlà kan tó bá tọ́ka sí apá yẹn ti tó. Kò sí ìdí láti ka gbogbo òfin sí wọn létí.

Èwo wá ni ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Wọ́n fi í sílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni, ó sì ṣàlàyé ìdí tí ọ̀rọ̀ fi kánjú. Wọ́n kàn gé e kúrú sí gbolóhùn kan tí kò sunkún.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n kọ ọ́ tuntun. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ èyí tí wọ́n mú lọ, nítorí èdè tí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fi ń kọ̀wé síra wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n kọ́kọ́ fi tò ó kí màmá lè gbọ́ gbogbo rẹ̀ yé kó tó fọwọ́ sí i. Bó ṣe rí nìyí:

"Ọjọ́ 10, oṣù Kẹfà, ọdún 2024.

Sí Ọ̀gá Àgbà àjọ yìí. Fún àkíyèsí ẹ̀ka tó ń san owó oṣooṣù.

Ọ̀gá wa,

OWÓ ÌFẸ̀YÌNTÌ OṢÙ MẸ́RIN TÍ WỌN KÒ SAN, OṢÙ KEJÌ SÍ OṢÙ KARÙN-ÚN 2024: NỌ́ŃBÀ ÌFẸ̀YÌNTÌ (nọ́ńbà wà níbí)

Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ni mí, ọdún 2004 ni mo fẹ̀yìntì. Owó oṣù mi, ₦68,400, kò wọlé láti oṣù Kejì ọdún 2024. Gbogbo rẹ̀ di ₦273,600 ní ìparí oṣù Karùn-ún. Ìwé àkọsílẹ̀ báńkì mi wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Nígbà àyẹ̀wò oṣù Kọkànlá ọdún 2023, wọ́n sọ fún mi pé orúkọ tó wà lára ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi yàtọ̀ sí ti ìwé ìfẹ̀yìntì mi. Ní ọjọ́ 28 oṣù náà, mo kó ìwé ìbúra kóòtù àti ojú ewé ìwé ìròyìn tó kéde ìyípadà orúkọ mi wá. Àjọ yìí gbà wọ́n, ó sì fún mi ní ìwé ẹ̀rí tí ẹ̀dà rẹ̀ wà níbí.

Mo wá sí ọ́fíìsì yín ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta àti ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin. Ní ìgbà kejì, wọ́n ní kí n mú ìwé ìbúra kan náà wá.

Mo béèrè pé kí ẹ fi ìwé tí mo ti kó sílẹ̀ ṣe àtúnṣe orúkọ mi, kí ẹ dá owó oṣù mi padà, kí ẹ sì san ₦273,600 tó wà nílẹ̀. Bí ìwé kan bá ṣì kù, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ orúkọ ìwé náà ránṣẹ́ sí mi. Owó yìí ni mo fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí náà mo ń retí èsì yín nínú ìwé títí di ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2024. Bí n kò bá rí i gbà, èmi yóò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì SERVICOM tó wà ní àjọ yìí.

Ẹ ṣeun."

Orúkọ, àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù àti ìbuwọ́lù ló tẹ̀ lé e, pẹ̀lú orúkọ ìwé mẹ́rin tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú ewé kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ wo bí ọ̀wọ̀ ṣe wà níbẹ̀ láìsí ìdọ̀bálẹ̀. "Ọ̀gá wa," "ẹ jọ̀wọ́," "ẹ ṣeun," ìyẹn ti tó. Ọ̀rọ̀ tó le jù níbẹ̀ ni "kan náà" lẹ́yìn ìwé ìbúra, kò sì sí ẹni tó lè pè é ní àfojúdi. Gbólóhùn nípa ìwé tó bá kù náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtura lásán. Ó fi òṣìṣẹ́ sí ipò pé bí kò bá san owó, ó gbọ́dọ̀ dárúkọ ìwé kan, kò sì sí èyí tó lè dárúkọ láìṣí fáìlì. Ọjọ́ 1 oṣù Keje náà kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n kàn mú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, wọ́n sì ti fi ìsinmi ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà àti ti Iléyá ọdún yẹn sínú ìṣirò. Ẹni tó bá fún ìjọba ní wákàtí mẹ́rìnlélógún ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má ka ọjọ́ òun sí.

Bí wọ́n ṣe fi lẹ́tà sílẹ̀ ṣe pàtàkì tó bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ẹ̀dà méjì ni wọ́n mú lọ. Wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí èkejì, kí ẹni tó gbà á kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i. Ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yìí ni màmá mú lọ sílé. Láìsí i, ẹnikẹ́ni lè sọ pé lẹ́tà kankan kò dé. Fọ́tókọ́pì nìkan ni wọ́n so mọ́ ọn. Ojúlówó ìwé ìbúra kò kúrò nílé, ìbáà jẹ́ pé òṣìṣẹ́ fi ẹ̀rín músẹ́ béèrè rẹ̀.

Èsì lè wá tí kì í ṣe èsì. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ìlà méjì tó sọ pé wọ́n ti rí lẹ́tà yín, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀nà tí a fi ń mọ èsì gidi ni pé ó máa dárúkọ nǹkan: ìwé tó kù, ẹ̀ka tí fáìlì wà, tàbí oṣù tí owó máa wọlé. Bí kò bá dárúkọ ọ̀kankan, lẹ́tà kejì ló kàn, kó má sì ju ìpínrọ̀ méjì lọ. Kó tọ́ka sí ọjọ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ àti nọ́ńbà tó wà lórí èsì wọn, kó so ẹ̀dà olóǹtẹ̀ mọ́ ọn, kó sì tún béèrè ohun kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń padà sídìí èébú, tí wọ́n á sì fi ọwọ́ ara wọn ba ìwé àkọ́kọ́ jẹ́.

Ohun èlò mìíràn tún wà nílẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì kì í sábà lò. Òfin òmìnira ìwífún ti ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, kò sì pọn dandan kó sọ ìdí tó fi fẹ́ ẹ. Ọjọ́ méje ni iléeṣẹ́ náà ní láti fèsì, wọ́n sì lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un bí ìwé náà bá pọ̀ tàbí tí wọ́n bá ní láti bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tí wọ́n kọ̀ fún sì ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti lọ sí kóòtù. Màmá lè fi lẹ́tà ọ̀tọ̀ kan béèrè ẹ̀dà ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa àyẹ̀wò rẹ̀ àti àṣẹ tó dá owó rẹ̀ dúró. Àkọsílẹ̀ ló ń béèrè níbẹ̀, kì í ṣe owó. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa wá àkọsílẹ̀ náà jáde gbọ́dọ̀ ṣí fáìlì, ibẹ̀ ló sì ti máa rí ìwé ìbúra oṣù Kọkànlá.

Ó níbi tí agbára lẹ́tà mọ. Bó bá jẹ́ pé ìjọba kò tíì tú owó sílẹ̀ fún gbogbo òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, lẹ́tà ẹnì kan kò lè fà á jáde. Ó rọrùn láti mọ̀ ọ́n: kí màmá béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ fẹ̀yìntì. Bí tiwọn bá ń wọlé tí tirẹ̀ nìkan dúró, inú fáìlì rẹ̀ ni àìsàn náà wà, lẹ́tà sì lè wò ó.

Bí SERVICOM náà kò bá mú nǹkan jáde, àjọ tó ń gbọ́ ìfisùn aráàlú ló kù, èyí tí wọ́n ń pè ní PCC, tí ìjọba ológun dá sílẹ̀ ní ọdún 1975. Wọn kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó fisùn. Wọ́n lè ránṣẹ́ béèrè àlàyé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, àmọ̀ràn ni wọ́n sì máa ń gbé kalẹ̀ lẹ́yìn ìwádìí. Wọn kò ní gba ẹjọ́ tó ti wà ní kóòtù, wọ́n sì lè dá ẹni tí kò tíì gbìyànjú ọ̀nà tó wà nínú iléeṣẹ́ náà padà, ìdí nìyẹn tí ẹ̀dà olóǹtẹ̀ fi gbọ́dọ̀ wà nílé. Òfin wọn tún fi gbèdéke oṣù méjìlá sí i láti ọjọ́ tí ohun tí èèyàn ń fisùn lé lórí ṣẹlẹ̀. Oṣù Kejì ọdún 2024 ni owó màmá kọ́kọ́ dúró. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi bírò pupa kan náà sàmì sí ìparí oṣù Kìíní ọdún 2025 lórí kàlẹ́ńdà, ó sì ní bí owó kò bá tíì wọlé kí ọjọ́ yẹn tó pé, PCC ni àwọn ń lọ.